Owó Kan Náà Ni

Ìdí mi tóbi. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó mọ̀ mí lọ́jà Ojúwòyè má baà ní mo fi í pa mọ́. Lọ́tọ̀ ni káfíńtà kan àpótí tí mo fi ń jókòó ti kẹ́ẹ̀gì epo mi, ó sì fi irin ha ẹsẹ̀ rẹ̀, torí mẹ́ta ló ti fọ́ mọ́ mi lábẹ́ ṣáájú èyí. Ìdí yìí kan náà ni mo gbé jókòó lé ọ̀rọ̀ Sàúdátù fún odidi oṣù mẹ́sàn-án, tí n kò sì mọ̀ pé èèyàn ń bẹ lábẹ́ mi.

Epo pupa ni mò ń tà ní Mushin. Ìyá Yẹ̀kínnì ni wọ́n ń pè mí. Àwọn tó bá fẹ́ ra àwìn a máa pè mí ní Àlájà, bẹ́ẹ̀ n kò tíì wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìdí mi ò ní gba àga wọn. Sàúdátù, ìyá Aneesah, ni ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi. Ẹja yìnyín ló ń tà: títù, kòtè, pánlá. Èmi ni mo bá a bẹ ìyálọ́jà kó tó rí ìsọ̀ yẹn gbà, lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wúkọ́ lásán, Sàúdátù á ti gbé omi dé. Kò sí ohun tí mo sọ fún un tó ní rárá sí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni mo gbà wọlé.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwa mẹ́wàá la jọ ń dá èésú. Àádọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà lóṣooṣù ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mú wá, ẹni tó bá kàn á sì kó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà, láti oṣù kejì títí dé oṣù kọkànlá. Èmi ni olórí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo ṣojúsàájú, a máa ń kọ nọ́mbà sí bébà, a ó ká a, a ó dà á sínú igbá, oníkálukú á sì mú tirẹ̀. Sàúdátù mú oókan. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi gbọn igbá, ẹẹ́wàá ni mo mú.

Gbogbo wa la mọ ohun tí Sàúdátù fẹ́ fi tirẹ̀ ṣe. Fìrísà ló ń wá. Lójoojúmọ́, ẹja tó bá ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, ilé yìnyín tó wà lẹ́yìn ọjà ló ń gbé e lọ, ó sì ń san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún wọn. Káyọ̀dé tó ń ta fìrísà lójú ọ̀nà Lawanson ti bá a ya ńlá kan sọ́tọ̀, ọọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún. Jẹnẹrétọ̀ tí yóò máa gbé e, àádọ́jọ ẹgbẹ̀rún. Àádọ́ta tó kù, ti wáyà àti ti ẹni tí yóò bá a gbé e délé.

Èmi náà ní ohun tí mò ń wá. Oṣù kejì sí oṣù kẹrin ni epo máa ń ya wọ̀lú láti oko, ìgbà náà ló sì máa ń pọ̀ jù. Kẹ́ẹ̀gì ńlá kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nígbà náà. Ẹni tó bá rà á pa mọ́ nígbà yẹn, tó bá fi dé ìgbà tí epo wọ́n, á rẹ́rìn-ín. Mo mọ èyí kí eyín mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Owó tí mo máa fi rà á ni kò sí, ó sì wà nínú bébà tí Sàúdátù ká sínú kọ́mú.

Mo bá gbéra lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀.

"Ìyá Aneesah, nọ́mbà rẹ yẹn, jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀."

Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró lórí títù tó ń gé. "Màmá, mo ti bá onífìrísà sọ̀rọ̀."

"Ṣé fìrísà fẹ́ sá lọ ni? Oṣù kọkànlá ò jìnnà. Ìwọ náà lo máa kó gbogbo rẹ̀, kọ́bọ̀ ò ní dín."

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pé?"

"Owó kan náà ni. Bí mo bá ní n fi ẹgbẹ̀rún kan lé e fún ẹ, ìyẹn ti di èlé, Ọlọ́run ò sì fẹ́ ẹ. Báyìí ló mọ́ jù."

Ẹ rí mi bí? Mo kó ìbẹ̀rù Ọlọ́run pọ̀ mọ́ ọjà epo. Ohun tó sì burú jù ni pé mo gba ara mi gbọ́. Lójú tèmi, bí iye tí èèyàn fúnni bá ti pé iye tó gbà, tí kò lé, tí kò dín, kò sí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Sàúdátù nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó fa bébà náà yọ, ó ti rin díẹ̀ nítorí òógùn. "Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́, Màmá. Ẹ gbà."

Mo ra ogún kẹ́ẹ̀gì. Mo tò ó sẹ́yìn ìsọ̀ mi dé òkè, mo fi tapólì bò ó, mo wá ń kọrin.

Ní ìparí oṣù karùn-ún, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Kò pẹ́ tí dọ́là náà fò sókè. Gbogbo ohun tó ń wọ mọ́tò wọ̀lú ni owó rẹ̀ ń gorí àjà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, kẹ́ẹ̀gì epo kan náà ti di ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì. Mò ń yọ tèmi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni yọ ẹran nínú ọbẹ̀. Mo ra gàrí fún ilé, mo san owó ilé ìwé ọmọ Yẹ̀kínnì, mo sì ran bùbá kan tó fún mi lápá débi pé n kò lè gbọ́wọ́ sókè dá kéké dúró. Mo ní orí mi pé.

Sàúdátù ń san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ́sẹ̀ nílé yìnyín. Lóṣù keje, iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn onílé yìnyín ò sì rówó ra dísù sí jẹnẹrétọ̀ wọn. Nígbà tó gbé páálí ẹja méjì jáde, òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kí wa. Èmi gan-an ni mo bá a wá ibi tí a dà á sí. Mo ní, "Má bínú, èésú rẹ ń bọ̀." Ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá."

Lóṣù kẹjọ, Shakirat tó ń ta ike, tó ti kó tirẹ̀ lóṣù kẹrin, kò mú owó wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wá a kiri, mo wá a dé Ìdó níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Ọkọ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ó padà san án. Àwa tí a ti kó tiwa, a jókòó, à ń bú u, à ń rẹ́rìn-ín. Sàúdátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ló gbẹ̀yìn, bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá sá lọ, nínú tirẹ̀ ni yóò ti dín. N kò rí i bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Mo rò pé inú ń run ún ni.

Oṣù kọkànlá pé. Mo fi ọwọ́ ara mi ka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún lé e lọ́wọ́, mo tún gbàdúrà sí i. Mo ní n ó bá a lọ sọ́dọ̀ Káyọ̀dé, kí wọ́n má baà rẹ́ ẹ jẹ. Kí wọ́n má baà rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ gbọ́ mi.

A wọ kéké. Nítorí èmi, àwa méjì péré la jókòó sẹ́yìn. Sàúdátù di báàgì mọ́ àyà, ó ń sọ ibi tó máa gbé fìrísà náà sí, ó ní bí Ọlọ́run bá fẹ́, á máa ta omi tútù pẹ̀lú ẹja.

Káyọ̀dé mọ̀ ọ́n. Ó dìde, ó kí wa, ó sì fọwọ́ lu fìrísà funfun kan.

"Irú èyí tẹ́ ẹ fẹ́ nígbà yẹn nìyí, Àǹtí. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún ni báyìí."

Mo ní, "Káyọ̀dé, ọọ́dúnrún lo pè é."

"Màmá, oṣù kejì nìyẹn. Bí mo bá tà á lọ́ọ̀ọ́dúnrún lónìí, mi ò ní lè ra irú ẹ̀ padà."

Sàúdátù bi í léèrè jẹnẹrétọ̀.

"Àádọ́ta lé nígba ẹgbẹ̀rún."

Sàúdátù ṣí fìrísà náà, ó wo inú rẹ̀ pẹ́, bí ẹni pé nǹkan òun bọ́ síbẹ̀. Ó rọra pa á dé. "Mo máa padà wá, Káyọ̀dé." Fìrísà láìsí jẹnẹrétọ̀ ní Mushin, àpótí lásán ni. Ó tiẹ̀ burú ju àpótí lọ, torí ẹja kì í jẹrà nínú àpótí aṣọ.

Nínú kéké tí a gbà padà, ó kọjú síta. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Mo bú ìjọba, mo bú dọ́là, mo bú Káyọ̀dé, mo bú ìyá tó bí i. N kò bú ẹni tó gba àga èèyàn méjì.

Bí a ṣe dé ọjà, Túbọ̀sún la bá níwájú ìsọ̀ mi. Ó ní ilé oúnjẹ ní Ìpọ̀nrí, oníbàárà mi ni, èèyàn dáadáa, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Sàúdátù jókòó sórí páálí rẹ̀ nítòsí wa, báàgì owó rẹ̀ lórí itan.

"Àlájà mi," Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀, mo sì ti mọ̀ pé àwìn ni. "Mo fẹ́ kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá. Oṣù mẹ́fà sí i, n ó san án lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ṣe ń tà á lónìí gan-an. Mi ò ní bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ yọ kọ́bọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí àpótí mi fi dún.

"Túbọ̀sún, ṣé orí mi lo rí tó dà bí orí ewúrẹ́? Kó o gbé epo mi lónìí, kó o wá fún mi lówó òní lóṣù mẹ́fà sí i?"

"Owó náà ò ní dín, Màmá."

"Ohun tó máa rà ló máa dín. Méjìdínlógójì tó wà lọ́wọ́ mi lónìí, kẹ́ẹ̀gì kan ló máa gbé wá. Lóṣù mẹ́fà sí i, ta ló mọ̀ bóyá ìdajì kẹ́ẹ̀gì ló máa rà? Kí á tiẹ̀ ní epo ò wọ́n sí i rárá. Bí mo bá gba owó mi lónìí, mo lè fi ra ọjà, kí n tà á, kí n tún fi rà, kí n tún tà á, kí oṣù mẹ́fà rẹ tó pé. Ta ló máa san èrè yẹn fún mi? Kí á wá ní ìwọ náà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kó o ti kó kúrò ní Ìpọ̀nrí. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Owó ọwọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ owó ẹnu."

Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo fẹ́ máa bá a lọ. Ni Sàúdátù bá sọ̀rọ̀ láti orí páálí, kò gbé ohùn sókè, kò sì wò mí.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e. Owó kan náà ni."

Túbọ̀sún rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń gbe òun lẹ́yìn ni. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo rántí ọ̀bẹ tó dúró lórí títù. Mo rántí bébà tó rin. Gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà fún Túbọ̀sún, owó ọjà tó gbéra, èrè tí owó ìbá ti pa, ẹ̀rù pé ẹni tó ṣèlérí lè má rí i san, kò sí èyí tí n kò dì lé Sàúdátù lórí fún oṣù mẹ́sàn-án. Mo mọ̀ ọ́n. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí. Bí n kò bá mọ̀ pé owó oókan dára ju owó ẹẹ́wàá lọ, kí ni mò ń wá lọ sídìí tábìlì rẹ̀?

Mo lé Túbọ̀sún lọ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì méjì tó sanwó rẹ̀ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìrun àsárì, mo dúró de Ààfáà wa lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní bí mo bá fi nǹkan lé owó Sàúdátù, ṣé kò ní di èlé?

"Ṣé ẹ bá a ṣàdéhùn pé ẹ ó fi nǹkan lé e?"

"Rárá."

"Ṣé òun ló béèrè?"

"Kò béèrè nǹkan kan rí, Ààfáà. Ìyẹn gan-an ni wàhálà ibẹ̀."

"Ohun tí kò sí nínú àdéhùn, tí ẹ fi tinútinú ṣe nígbà tí ẹ ń dá nǹkan padà, kì í ṣe èlé. Ìwà rere ni." Ó wá wò mí. "Àmọ́, Ìyá Yẹ̀kínnì, kí ẹ tó lọ gba nọ́mbà lọ́wọ́ opó ló yẹ kẹ́ ẹ ti wá bi mí."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bùbá tuntun yẹn ló wà lọ́rùn mi, ó wá fún mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò tó le, kẹ́ẹ̀gì ni mo fi ń ṣe tèmi. Lóṣù kejì, owó Sàúdátù ra ogún kẹ́ẹ̀gì. Lóṣù kọkànlá tí mo dá a padà, mẹ́tàlá ló lè rà, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà á sì ṣẹ́ kù. Ogún ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mẹ́tàlá ni mo dá padà, mo sì tún gbàdúrà sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí alábàárù kó kẹ́ẹ̀gì méje lọ síwájú ìsọ̀ rẹ̀. Èmi náà tẹ̀ lé e, mo kúnlẹ̀. Kí n kúnlẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré, torí dídìde ń gba èèyàn méjì.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ dìde, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n wò mí dáadáa. Tìẹ ni kẹ́ẹ̀gì méje yìí. Mo gbé e mì láti oṣù kejì."

Ó wo epo náà. Ó wò mí. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò sunkún.

"Ó máa ra jẹnẹrétọ̀," mo ní. "Mo ti kà á."

"Ó máa rà á." "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ́sẹ̀ tí mo san nílé yìnyín ńkọ́? Páálí méjì tá a jọ dànù ńkọ́?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Sàúdátù béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi. Mo wà lórí eékún, mò ń wo ilẹ̀. Owó ilé yìnyín nìkan ti lé ní ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Ẹja tí ìbá ti tà nínú fìrísà tirẹ̀, omi tútù tí ìbá ti tà nígbà ooru, ta ló lè kà á?

"N kò ní i, Ìyá Aneesah. Mo ti ná an."

Ó jẹ́ kí n wà níbẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó wá dìde, òun àti alábàárù, wọ́n fà mí sókè, eegun mi sì ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ó gba epo náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó jẹ́ kí n bá a tà á, ó ní rárá. Rárá. Ó tò ó síwájú ẹja rẹ̀, ó tà á fúnra rẹ̀, owó ọwọ́, kò sì ta àwìn fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló gbé fìrísà àti jẹnẹrétọ̀ wálé, ó ní òun ò mọ iye tí Káyọ̀dé máa pè é bí ọ̀sẹ̀ kejì bá dé.

Nígbà tí a máa bẹ̀rẹ̀ èésú tuntun, mo gbé igbá fún ẹlòmíì gbọ̀n. Sàúdátù mú ẹẹ́ta. Ó ká a, ó ti í bọ kọ́mú, ó sì wo ojú mi títí mo fi gbé ojú kúrò.

A ṣì ń kíra. Ó ṣì ń pè mí ní Màmá. Ṣùgbọ́n bí mo bá wúkọ́ báyìí, mo wúkọ́ nìyẹn, kò sí ẹni tó ń gbé omi bọ̀.

Lọ́jọ́ kan tí ooru fẹ́ pa mí, mo gbé ike omi mi lọ síbi fìrísà rẹ̀.

"Bá mi fi sí i, kó tutù díẹ̀."

Ó gba ike náà lọ́wọ́ kan, ó na ìkejì sí mi. "Ọgọ́rùn-ún náírà."

"N ó fún ẹ lọ́la."

"Ọ̀la, àádọ́jọ ni, Màmá."

Mo tú owó nídìí ìró, mo san án. Mo sì dúró ti fìrísà náà, mo gbé ọwọ́ lé e, mò ń gbọ́ bó ṣe ń kùn lábẹ́ ọwọ́ mi, títí omi mi fi tutù.